Funfun Ṣì Funfun: Gígé Ẹ̀rí Oníbàárà Kúrú Láì Gé Òótọ́ Inú Rẹ̀

Oníbàárà tó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí ọjà tó rà kì í sọ ọ́ bí ìpolówó. Ibi tí kò kan ọjà rárá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á yà sí ọ̀rọ̀ ọmọ, á yà sí ọ̀rọ̀ ọkọ, á padà, á wá ju ohun tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ní Abẹ́òkúta níbí ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó: èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọjà, èyí tí wọ́n ń gbé sórí sítátọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀sáàpù. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì máa ń fara balẹ̀ ṣe jù, ni kí wọ́n gbé ẹ̀rí gígùn lé mi lọ́wọ́ kí n fi gbólóhùn kan ṣoṣo gbé e jáde. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó jẹ́ pé, bí ẹni tó jẹ́rìí bá gbọ́ ọ, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn."

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun méjèèjì yìí ń bá ara wọn jà: pé bí gbólóhùn bá máa dùn, àfi kí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí òótọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ibi tí ẹ̀rí ti ń dùn jù ni ibi tó ti jẹ́ òótọ́ jù, níbi tí ẹni náà ti ń sọ ohun kan pàtó tó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Àwa tí a ń gé e kúrú la máa ń gé ibẹ̀ dànù, tí a ó wá fi ọ̀rọ̀ ńlá tí ẹnikẹ́ni lè sọ dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan, kí n tú u palẹ̀.

Màmá kan wà tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé bí o bá débẹ̀, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ló kún ojú rẹ, ìdajì wọn ló sì jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ aṣọ. Ohun tó sì wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó fẹ́ rà ni ìbéèrè kan: ṣé kò ní yọ àwọ̀? Màmá yìí ní oníbàárà kan, tíṣà ni, Aṣẹrò ló ń gbé. Ó fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ sí màmá, màmá sì fi í ránṣẹ́ sí mi. Màmá fẹ́ káàdì pélébé tó máa so mọ́ aṣọ, kí ọ̀rọ̀ obìnrin náà wà lára rẹ̀. Èyí ni ohun tó sọ, bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀:

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì, ìdánwò àwọn ọmọ ló gbà mí lọ́kàn. Aṣọ yẹn, ẹ̀rù ẹ̀ kọ́kọ́ bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Èyí tí mo rà níbòmíràn lọ́dún tó kọjá, gbogbo aṣọ ọkọ mi ló bà jẹ́. Torí ẹ̀, bí mo ṣe délé, omi tútù àti iyọ̀ ni mo fi rẹ ẹ́. Omi àkọ́kọ́ yẹn, búlúù ni o! Mo ní há, wọ́n tún ti rí mi gbá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó dín kù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, omi mọ́. Mo rò pé iyọ̀ yẹn ló ràn án lọ́wọ́. Ìgbà tó di ìfọ̀ kẹrin, mi ò tiẹ̀ sí nílé, ọmọbìnrin mi lọ kó o mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun bàbá ẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ìgbà tí mo dé, mo sáré yọ ọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn: funfun ṣì funfun! Ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ o, mi ò gbé e sí mẹ́ṣíìnì rí, mi ò sì ń sá a sóòrùn. Nínú gbogbo èyí tí mo ti rà, tiyín ló dáa jù. Ẹ bá mi tọ́jú yáàdì márùn-ún mìíràn, ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí dé orí ìkíni àti "mo rò pé". Ẹni tó bá ń gbọ́ ẹ̀rí, tó sì ń ti orí gé e, kò ní mọ ohun tó sọnù. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ lọ, àwọn gan-an ni wọ́n sì di ọ̀rọ̀ yòókù mú.

Kí n tó sọ̀rọ̀, màmá ti ní gbólóhùn tirẹ̀: "Àdìrẹ tí kì í ṣí." Ó dùn lẹ́nu, kò sì gba àyè. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí obìnrin náà sọ.

Àkọ́kọ́, obìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan nípa ṣíṣí. Kí aṣọ ṣí ni pé kí àwọ̀ ara rẹ̀ máa rọ, kí búlúù tó dúdú dáadáa máa funfun lọ. Kí aṣọ yọ àwọ̀ sí òmíràn lára, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Aṣọ lè má kó bá síńgílẹ́ẹ̀tì rárá, kí oòrùn sì mú un ṣí láàárín ọdún kan. Ti yíyọ àwọ̀ sí ara aṣọ mìíràn nìkan ni obìnrin yìí jẹ́rìí sí. Bó bá wá jẹ́ pé aṣọ náà ṣí lẹ́yìn ìgbà tí ẹlòmíràn bá ti sá a sóòrùn títí, orúkọ tíṣà yìí la máa fi pa irọ́ tí kò pa.

Ìkejì wà nínú "kì í". Ohun tí obìnrin náà rí, ìgbà kan ló rí i: ọmọ rẹ̀ kó o pọ̀ mọ́ funfun, kò bà á jẹ́. "Kò" ni tirẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di "kì í", a ti sọ ìgbà kan di ìgbà gbogbo. Bí a bá tún sún un díẹ̀ sí i, tó di "kò ní", a ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣèlérí fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Láti orí "kò" dé orí "kò ní", ìró kékeré ni ìyàtọ̀ lẹ́nu, etí lè má tilẹ̀ fura. Ní tèmi, ibi tí mo kọ́kọ́ ń wò nínú gbólóhùn ẹ̀rí nìyẹn, torí ibẹ̀ ni irọ́ ti sábà ń wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ pa á.

Torí náà, ohun tí mo ṣe ni pé mo pín ọ̀rọ̀ obìnrin náà sí ohun tó rí, ohun tó rò, àti ọgbà tó fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká.

Ohun tó rí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le: omi àkọ́kọ́ jẹ́ búlúù, èkejì dín kù, ẹ̀kẹta mọ́, ní ìfọ̀ kẹrin, aṣọ àti síńgílẹ́ẹ̀tì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, síńgílẹ́ẹ̀tì kò sì yí padà. Ohun tó rò ni pé iyọ̀ ló ràn án lọ́wọ́. Màmá fẹ́ràn ibi iyọ̀ yìí gan-an, ó fẹ́ kí n fi í sí i, torí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Mi ò fi í sí i, ìdí rẹ̀ sì wà nínú aró.

Aró búlúù tí màmá ń lò, kọ́síìkì sódà àti háídírósọ́fáìtì ni wọ́n fi ń pò ó. Nínú ìkòkò, àwọn méjèèjì yìí máa ń sọ aró di ohun tó lè yòrò nínú omi, kó lè ríbi wọ inú òwú aṣọ. Ìgbà tí wọ́n bá yọ aṣọ síta, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, aró á tún padà di ohun tí kì í yòrò, á sì há sínú òwú níbẹ̀. Èyí tó bá wọ inú kò ní jáde pẹ̀lú omi àti ọṣẹ lásán. Èyí tó kàn dúró sí ojú aṣọ, tí kò ríbi wọlé, òun ló ń jáde nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì. Ìdí nìyẹn tí omi tíṣà yìí fi jẹ́ búlúù tó sì wá mọ́: ó ń fọ ohun tó kù lójú aṣọ kúrò ni. Iyọ̀ máa ń wúlò nígbà tí wọ́n bá ń fi àwọn aró kan tó yàtọ̀ sí èyí pa aṣọ láró, ṣùgbọ́n iyọ̀ tí a bù sínú omi ìfọ̀ lẹ́yìn tí aṣọ irú èyí ti délé kọ́ ló ń dè é.

Ẹ rí i pé obìnrin náà kò parọ́. Ó ní "mo rò pé". Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó rò bẹ́ẹ̀, ó sì fi hàn pé èrò ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé e kúrú di "Iyọ̀ díẹ̀, àwọ̀ dúró," èrò rẹ̀ ti di ìmọ̀, màmá ló sì máa dáhùn fún un nígbà tí ẹlòmíràn bá da iyọ̀ sí i tí omi ṣì ń di búlúù. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, kò gba ọlọ́jà láyè láti sọ ohun tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà rẹ̀. Mi ò rò pé ọlọ́jà lè wá sọ pé "èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, oníbàárà mi ni." Ìgbà tó ti tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, tó so ó mọ́ ọjà, ó ti di ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìlànà mi kò nira: bí ẹ̀rí bá ní ohun tí ẹni náà rí àti ohun tó rò, ohun tó rí ni mò ń mú. Kò sí ẹni tó lè bá a jà lórí ìyẹn.

Ó wá ku ọgbà. Gbogbo ẹ̀rí tó jẹ́ òótọ́ ló ní ọgbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi yí i ká, ọ̀pọ̀ ìgbà láì mọ̀. Ti obìnrin yìí ni: ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́, kò gbé e sí mẹ́ṣíìnì rí, kì í sá a sóòrùn, ìfọ̀ kẹrin sì ni, àkọ́kọ́ kọ́. Ọgbà kan tún wà tí màmá fẹ́ kí n wó, ìyẹn "nínú gbogbo èyí tí mo ti rà". Ọmọkùnrin tó ń bá wa tẹ káàdì ní Kútọ̀ ló kọ́kọ́ dábàá rẹ̀. Ó ní kí n mú "tiyín ló dáa jù" nìkan, kí n fi "ní Ìtòkú" kún un lábẹ́ torí pé ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà. Lóòótọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, obìnrin náà sọ ọ́. Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù sì lòdodo. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n báyẹn, ẹni tó bá kà á á rò pé tíṣà yìí yí gbogbo ọjà ká kó tó ṣèdájọ́. Mo ní kí màmá bi í léèrè pé mélòó ló ti rà rí. Ó ní méjì: ti màmá àti èyí tó ba aṣọ ọkọ òun jẹ́. Èyí tó dáa jù nínú méjì, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àjálù! Kò sí ohun tó burú nínú ohun tí obìnrin náà sọ, ìyìn gidi ni láti ẹnu rẹ̀. Àmọ́ kò lè di adé orí gbogbo Ìtòkú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Mi ò máa ń kọ ẹyọ kan kí n dúró. Mo máa ń kọ mélòó kan, kí n gbé wọn jọ síwájú.

"Fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ funfun, kò séwu." Èyí ló dùn jù lẹ́nu nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà kan di ìmọ̀ràn fún gbogbo ayé. Obìnrin náà ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ẹ̀rù ba òun gan-an, ó sáré yọ ọ́ nínú omi ni.

"Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti balẹ̀." Èyí kò lòdì sí ohun tó sọ, òfo sì ni. Gbé e lé orí oògùn ibà, ó bá a mu. Gbé e lé orí ìwé ìdókòwò, ó bá a mu. Gbólóhùn tí a lè ṣí láti ara ọjà kan lẹ̀ mọ́ òmíràn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà kì í ṣe ẹ̀rí nípa ọjà kankan. Ó yà mí lẹ́nu bí irú èyí ṣe pọ̀ tó lórí sítátọ́ọ̀sì àwọn èèyàn.

"Ìfọ̀ kẹrin, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì: funfun ṣì funfun!" Èyí ni mo dúró lé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ìparí, láti ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti jáde bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìyanu tó wà nínú ohùn rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kankan níbẹ̀, kò sí "dáa", kò sí "jù", síbẹ̀ ẹni tó bá ti fi àdìrẹ ba aṣọ funfun jẹ́ rí á dúró kà á lẹ́ẹ̀kejì. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa mú nínú ẹ̀rí gígùn, ohun tí a lè fojú rí tí ọwọ́ sì lè kàn ni kí ẹ máa wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀.

Kí n tó gbé e fún màmá, mo ní ìdánwò kan tí mi ò ń fò. Mo máa ń ka gbólóhùn náà fún ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀rí náà rárá, mi ò sì ní bi í bóyá ó dùn. Mo máa ń bi í pé: "Bí ẹ bá ra aṣọ yìí lónìí, kí lẹ máa ṣe sí i lọ́la?" Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ ohun tí gbólóhùn náà ṣèlérí fún un, yálà èmi ní in lọ́kàn tàbí mi ò ní in. Ìyá kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù màmá ni mo kà á fún. Mo kọ́kọ́ ka "Fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ funfun, kò séwu." Ó ní, "Màá jù ú sínú aṣọ ìdọ̀tí ilé ni, kí n fọ gbogbo ẹ̀ pọ̀." Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á, omi àkọ́kọ́ tó jẹ́ búlúù yẹn á ba gbogbo aṣọ ilé jẹ́. Ohun tó gbọ́ ju ohun tí tíṣà sọ lọ fíìfíì. Ìgbà tí mo ka ti ìfọ̀ kẹrin, ó wò mí. Ó ní, "Ìfọ̀ kẹrin? Mẹ́ta tó ṣáájú wá ńkọ́?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó túmọ̀ sí pé gbólóhùn náà gbé ọgbà rẹ̀ dání.

Inú màmá ò dùn sí i rárá ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjà òun ń yọ àwọ̀? Ẹ yọ ìfọ̀ kẹrin yẹn kúrò, ẹ jẹ́ kó ku bọ́kẹ́ẹ̀tì àti síńgílẹ́ẹ̀tì."

Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ mi ná. Ẹni tó bá ra aṣọ yín, ìgbà tó bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ṣé omi á mọ́?"

Ó ní, "Rárá. Kò sí àdìrẹ tí omi àkọ́kọ́ ẹ̀ ń mọ́ gaara."

"Bó ti wù kó rí, ó máa rí omi búlúù yẹn. Bí káàdì yín bá ti sọ fún un pé ìfọ̀ kẹrin ni funfun tó wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, á ní wọ́n ti sọ fún òun, á ṣe sùúrù. Bí káàdì ò bá sọ nǹkan kan, ẹ̀yin ló máa gbé aṣọ náà padà wá bá."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń ká aṣọ lọ́wọ́. Ó wá ní òun mọ ẹni mẹ́ta tó ti gbé aṣọ padà wá torí omi àkọ́kọ́, pé òun máa ń bá wọn sọ ọ́ títí ẹnu á fi ro òun, àwọn mìíràn kì í sì í gbà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọgbà ti ọwọ́ àti ti mẹ́ṣíìnì. Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn kan, gbólóhùn á wúwo, kò ní lè fò mọ́. Ibi tí mo máa ń gbé irú èyí sí ni ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń sọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Dípò kí n kọ "Oníbàárà wa, Aṣẹrò" kí n fi í sílẹ̀, mo kọ ọ́ báyìí: "Oníbàárà wa, tíṣà ní Aṣẹrò. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́, kì í sá a sóòrùn." Ìlà yẹn kò tóbi, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló wà pẹ̀lú gbólóhùn òkè, ẹni tó bá ka ọ̀kan á rí ìkejì. Bí a bá gbé e sí ẹ̀yìn káàdì, kò sí ẹni tó máa rí i. Yóò dà bí ẹni pé a fi í pa mọ́ ni. Orúkọ obìnrin náà ò sí níbẹ̀, torí kò ní ká lò ó.

Ọ̀rọ̀ nípa àmì tí a fi ń fi hàn pé ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ ti jáde tún wà. Bí mo bá fi gbólóhùn sáàárín àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tó kà á gbà pé ẹnu oníbàárà ló ti jáde bẹ́ẹ̀. Mo lè gé orí, mo lè gé ìdí, mo lè yọ ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìdánwò àwọn ọmọ. Ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí n so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nígbà tí ohun tí mo yọ láàárín wọn jẹ́ ohun tó ń dín ìkejì kù. Láàárín "síńgílẹ́ẹ̀tì" àti "funfun ṣì funfun", ohun tí mo yọ ni pé ó dé, ó sáré yọ ọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Àmọ́ níwọ̀n bí mo ti tún ọ̀rọ̀ ṣáájú tò, tí "ìfọ̀ kẹrin" kò sí ní ipò tó fi í sí mọ́, mi ò lè fi àmì náà sí i láì padà lọ bá a.

Mo ní kí màmá pè é, kí a sì ka gbólóhùn náà fún un. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò tẹ́ òun lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ kó o pọ̀. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé wa á ní irú tíṣà wo nìyí! Ọmọ mi ló ṣèèṣì."

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní nìyẹn. "Ṣèèṣì" ló tún gbólóhùn náà ṣe tán pátápátá. Ó sọ fún ẹni tó ń kà á pé kì í ṣe ohun tí a ní kó lọ dán wò. Ó sì tún jẹ́ kí ìtàn náà dùn, torí kò sí ilé tí ọmọ ò ti ń ṣèèṣì kó aṣọ pọ̀. Bó ṣe wá rí níkẹyìn nìyí:

"Ọmọ mi ṣèèṣì kó o mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ní ìfọ̀ kẹrin: funfun ṣì funfun!"

Mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, ó sọ ọ́, kò kọ́ lẹ́nu, kò sì yí i padà. Ìgbà yẹn ni mo tó fi àmì ọ̀rọ̀ ẹnu sí i.

Màmá fẹ́ kí a tún gbé e sí ara bánà iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ò ṣeé ṣe. Ẹni tó ń kọjá lórí ọ̀kadà kò ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún lọ láti rí kà. Bí a bá fi "Funfun ṣì funfun!" nìkan sí i, wọ́n á rò pé ọṣẹ là ń tà. Bí a bá fi "Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, funfun ṣì funfun!" sí i, ìfọ̀ kẹrin ti jábọ́, ìyá onílẹ̀kẹ̀ á tún da gbogbo aṣọ ilé pọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ibi tí àyè ò bá ti gba ọgbà ẹ̀rí, a ò lo ẹ̀rí níbẹ̀. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù la fi sára bánà.

Ọjọ́ tí a kó káàdì dé, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ gbogbo aṣọ tó wà lórí àtẹ, búlúù, pupa, àti ewéko. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tú ti pupa àti ti ewéko kúrò. Búlúù ni tíṣà yẹn rà, búlúù ló fọ̀. Pupa màmá, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti ń gbà á, kò sì mọ aró tí wọ́n fi pa á. Ó jókòó, ó tú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n bá òun fi nọ́ńbà ẹni tó ra pupa lọ́sẹ̀ tó kọjá pamọ́. Bó bá di oṣù méjì sí i, òun á pè é bi í léèrè bí omi rẹ̀ ṣe rí.